Kí Ẹ Tó Pa Irun Dúdú Láró Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún fọ́tò ṣe ní Challenge, n'Ílọrin, ohun tí kọ̀ǹpútà yín lè gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Photoshop òde òní ń béèrè rámù gígábáìtì 8, ó kéré tán, ẹ ó sì máa sanwó rẹ̀ láìdáwọ́dúró. Ọ̀fẹ́ ni GIMP, rámù gígábáìtì 4 sì tó o fún fọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníbàárà fẹ́ kí irun dídì rẹ̀ tó dúdú pọ́n bíi wáìnì. Nínú GIMP, bí ẹ bá kàn da àwọ̀ lé e, kò ní hàn, torí `HSL Color` kì í fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà sí ìpele tuntun, kí ẹ fi `Curves` mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀; bó bá pọ̀ jù, irun á dà bí eérú. Ẹ fi `Layer Mask` dúdú bò ó, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun irun nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ kun àwọ̀ wáìnì sórí ìpele òfìfo mìíràn, ẹ yí `Mode` rẹ̀ sí `HSL Color`, kí ẹ sì dín `Opacity` kù sí bíi 50.

Ẹ wo iwájú orí dáadáa: bí àwọ̀ bá yọ sára awọ, ẹ nù ún kúrò. Ibẹ̀ ni Photoshop ti yá jù, torí `Select and Mask` rẹ̀ máa ń mú fọ́nrán irun wẹ́wẹ́. Bí irun títú bá ni iṣẹ́ yín ojoojúmọ́, ẹ tọ́jú owó dè é. Bó bá jẹ́ irun dídì ló pọ̀, GIMP tó yín.