Nọ́ọ̀sì Mélòó Ló Yẹ Kí A Fọ̀rọ̀ Wá Lẹ́nu Wò?

Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye ẹni tí yóò bi ní ìbéèrè, àti ọ̀nà tí yóò gbà yàn wọ́n.

Ká ní ilé ìwòsàn náà ní nọ́ọ̀sì 240. Ìlànà tí Taro Yamane kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1967 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní Nàìjíríà:

n = N / (1 + N × e²)

N dúró fún gbogbo nọ́ọ̀sì, n fún iye tí a ó yàn, e sì jẹ́ àṣìṣe tí a lè fara mọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 0.05. Bí a bá sọ 0.05 di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 0.0025. Ìyẹn lọ́nà 240 jẹ́ 0.6. A ó fi 1 kún un, yóò di 1.6. Bí a bá wá pín 240 sí 1.6, ó kù 150. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn bá ní abẹ́rẹ́ ti gún àwọn rí, ó ṣeé ṣe kí òótọ́ ọ̀rọ̀ wà láàárín 55 sí 65.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba fọ́ọ̀mù ló ń dá a padà. Bí a bá retí pé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kò ní dá a padà, a ó pín 150 sí 0.9, a ó sì tẹ fọ́ọ̀mù 167. Àwọn kan a kàn fi 15 kún 150, àmọ́ 165 kò ní tó.

Ibi tí ìwádìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ọ̀nà ìyàn. Ẹni tó bá pín fọ́ọ̀mù fún àwọn tó bá pàdé ní òwúrọ̀ nìkan ti fi àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ àti àwọn tó wà nínú ìsinmi sílẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù tilẹ̀ pọ̀ tó, kò lè wo àléébù yìí sàn.

Nítorí náà, orúkọ gbogbo nọ́ọ̀sì ni kí a gbà ní ọ́fíìsì matíróònì, kì í ṣe ìwé iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ká ní 72 wà ní wọ́ọ̀dù àgbàlagbà, 60 ní ti iṣẹ́ abẹ, 48 ní ti ìgbẹ̀bí, 36 ní ti ọmọdé, 24 sì wà ní pàjáwìrì. A ó sọ iye kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 167, a ó sì pín in sí 240. Yóò jẹ́ 50, 42, 33, 25 àti 17. Lẹ́yìn náà, kí a kọ nọ́ńbà sórí bébà, kí a pò ó pọ̀ nínú abọ́, kí a sì ṣẹ́ gègé ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹni tí gègé mú kò bá sí nítòsí, kí a padà wá a nígbà tó bá wọṣẹ́. A kò gbọdọ̀ fún ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mẹ́rin péré ló dá fọ́ọ̀mù padà nínú 17 ti pàjáwìrì, àbájáde kò lè sọ̀rọ̀ fún wọ́ọ̀dù yẹn, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn.

Ní ilé ìwòsàn tó ní nọ́ọ̀sì 60 péré, ìṣírò yìí yóò mú 53 wá. Ó sàn kí a kúkú bi gbogbo wọn.