Omi àti Dáyámọ́ǹdì

Ní 1776, Adam Smith ṣe àkíyèsí pé omi wúlò púpọ̀, síbẹ̀ kò níye lórí. Dáyámọ́ǹdì kò wúlò tó o, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó ní garawa omi mẹ́rin: ọ̀kan fún mímu, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ìwẹ̀, ìkẹrin fún wíwọ́n àgbàlá. Bí èyíkéyìí bá dànù, àgbàlá ni yóò gbẹ, kì í ṣe ọ̀fun ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, iye wíwọ́n àgbàlá ni iye garawa kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Bí owó bá tún bọ́ sí i lọ́wọ́, iyọ̀ ni yóò fi rà, kì í ṣe garawa karùn-ún.

Irú ìrònú yìí ni Menger fi tú àdììtú náà ní 1871. Dáyámọ́ǹdì ṣọ̀wọ́n, èyí tí ó kẹ́yìn pàápàá ṣì ń wuni gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà ọ̀dá, bí garawa kan ṣoṣo bá kù, ta ni yóò fi í gba òrùka?