Kù Díẹ̀ Káàtó: Átọ́ọ̀mù Wo Ló Lè Tu Pọ́sítírọ̀nù Jáde?

Atlanta níbí ni ẹ̀kọ́ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Emory, Mark Goodman àti Timothy Shoup ṣe oògùn kan tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Axumin. Ní 2016, àjọ FDA fọwọ́ sí i fún àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti gba ìtọ́jú fún jẹjẹrẹ pùrósítéètì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì tún ń sọ pé ó jọ pé àrùn náà ti padà. Ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé àrùn ti dé, àmọ́ kò lè sọ ibi tó fara pamọ́ sí. Oògùn yìí ló ń bá dókítà wá ibẹ̀, nítorí pé átọ́ọ̀mù fúlórínì-18 wà lára rẹ̀, fúlórínì-18 sì máa ń tu pọ́sítírọ̀nù jáde.

Kí ni pọ́sítírọ̀nù? Ìkejì ẹlẹ́kítírọ̀nù ni. Ìwọ̀n wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ṣáájì ẹlẹ́kítírọ̀nù jẹ́ àyọkúrò, ti pọ́sítírọ̀nù jẹ́ àròpọ̀. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pòórá, ìtànṣán méjì á sì jáde, ọ̀kan síbí, èkejì sí òdìkejì, tí agbára ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.511 MeV. Ìtànṣán méjì yìí ni ẹ̀rọ PET ń mú láti ya àwòrán. Bí kò bá sí pọ́sítírọ̀nù, ẹ̀rọ PET ò ní rí nǹkan kan. Torí náà ìbéèrè wa nìyí: báwo la ṣe lè mọ̀, látorí tábìlì ìwọ̀n átọ́ọ̀mù nìkan, èyí tó lè tu pọ́sítírọ̀nù àti èyí tí kò lè tu ú láéláé?

Ọ̀nà méjì, ibì kan náà

Nígbà tí pírótọ́ọ̀nù bá pọ̀ jù nínú kóró átọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú wọn lè di níútírọ̀nù. Ọ̀nà méjì ló lè gbà. Ó lè tu pọ́sítírọ̀nù jáde, tàbí kí ó gbé ọ̀kan mì nínú àwọn ẹlẹ́kítírọ̀nù tó ń yí kóró náà ká. Èyíkéyìí tó bá ṣe, átọ́ọ̀mù kan náà ló máa dà. Fúlórínì-18 á di ọ́síjìn-18, yálà ó tu tàbí ó gbé mì. Ohun tó yàtọ̀ ni iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń náni.

Ẹ jẹ́ ká ka ẹlẹ́kítírọ̀nù bí ẹni ń ka owó. Ìwọ̀n tó wà nínú tábìlì jẹ́ ti odindi átọ́ọ̀mù, tòun ti àwọn ẹlẹ́kítírọ̀nù rẹ̀. Fúlórínì ní 9, ọ́síjìn ní 8. Tí fúlórínì bá gbé ọ̀kan mì, 8 ló kù, iye tí ọ́síjìn sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìṣirò ti pé, kò sí gbèsè.

Ṣùgbọ́n tó bá tu pọ́sítírọ̀nù ńkọ́? Kò fọwọ́ kan ẹlẹ́kítírọ̀nù kankan, nítorí náà 9 ṣì wà níta. Ọ́síjìn ò nílò ju 8 lọ, ọ̀kan ti ṣẹ́ kù. Wàyí o, nǹkan méjì ló wà lẹ́yìn odindi átọ́ọ̀mù ọ́síjìn: pọ́sítírọ̀nù tó jáde, àti ẹlẹ́kítírọ̀nù tó ṣẹ́ kù. Ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.511 MeV, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 1.022 MeV. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń yọ ẹyọ kan, tí wọ́n á gbàgbé èkejì.

Òfin wa nìyí. Tí a bá yọ ìwọ̀n átọ́ọ̀mù ọmọ kúrò nínú ti òbí, tí a sì sọ ọ́ di agbára (1 u jẹ́ 931.494 MeV), a ó rí Q:

```
Q = (M_obi - M_omo) × 931.494
Q > 0      : o le gbe elekitironu mi
Q > 1.022  : o tun le tu positironu
```

Fún ìlà àkọ́kọ́, Q tún gbọ́dọ̀ ju agbára kékeré tó so ẹlẹ́kítírọ̀nù náà mọ́ átọ́ọ̀mù lọ, àmọ́ iye yẹn kì í sábà yí ìdájọ́ padà.

Fúlórínì-18

Ìwọ̀n fúlórínì-18 jẹ́ 18.000937 u, ti ọ́síjìn-18 jẹ́ 17.999160 u. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.001777 u. Ẹ sọ ọ́ di agbára, ó di 1.655 MeV. Ó ju 1.022 lọ, ọ̀nà méjèèjì ló ṣí. Èyí tó ṣẹ́ kù, 0.633 MeV, ni pọ́sítírọ̀nù àti níútríínò tó bá a jáde máa pín láàárín ara wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin yìí ń sọ ohun tí ó ṣeé ṣe, kò sọ bó ṣe máa pọ̀ tó. Nínú 100 fúlórínì-18, bíi 97 ló ń tu pọ́sítírọ̀nù, bíi 3 sì ń gbé ẹlẹ́kítírọ̀nù mì. Inú ìwọ̀n nìkan kọ́ la ti ń rí 97 yẹn.

Gálíọ̀mù-67: ó kù díẹ̀

Gálíọ̀mù-67 máa ń di síńkì-67. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 66.928202 u, ti síńkì-67 jẹ́ 66.927127 u. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.001075 u, Q sì jẹ́ 1.001 MeV. Ó bá a dé ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé! Ẹni tó mú 1,001 náírà lọ sọ́jà kò lè ra ohun tí wọ́n ń tà ní 1,022, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Gálíọ̀mù-67 kò lè tu pọ́sítírọ̀nù kankan, gbígbé mì nìkan ló kù fún un.

Ẹ wá wo ewu tó wà níbẹ̀. Ká ní a fẹ́ dín wàhálà kù, a wá kọ 66.9282 àti 66.9271. Ìyàtọ̀ á di 0.0011 u, Q á di 1.025 MeV, ìdájọ́ á sì yí padà pátápátá: a ó sọ pé pọ́sítírọ̀nù lè jáde. Irọ́ ni. Nọ́ńbà méjì tó tóbi tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba là ń yọ kúrò lára ara wọn, nítorí náà ìkángun wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe gé wọn kúrú kí ẹ tó yọ wọ́n tán.

Báwo la ṣe lè fojú rí i? Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ìtànṣán síwájú gálíọ̀mù-67. Ẹ ò ní rí 0.511 MeV tó ń wá láti ara pọ́sítírọ̀nù. Ẹ ó rí ìtànṣán ẹ́síréè ti síńkì, nítorí pé ẹlẹ́kítírọ̀nù tí kóró gbé mì fi àyè sílẹ̀, òmíràn sì já bọ́ sínú àyè náà. Ẹ ó tún rí ìtànṣán gámà tí agbára wọn jẹ́ bíi 0.093, 0.185 àti 0.300 MeV, tí kóró síńkì ń tú jáde bó ṣe ń fara balẹ̀. Ìyẹn ni àwọn dókítà fi ń lo gálíọ̀mù-67 pẹ̀lú kámẹ́rà gámà. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ PET, ẹ kàn fi ìtànṣán fún aláìsàn lásán ni, láìsí àwòrán.

Ó kàn yín

Níútírọ̀nù kan péré ni gálíọ̀mù-68 fi ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 67.927980 u, ti síńkì-68 jẹ́ 67.924844 u. Ṣé ó lè tu pọ́sítírọ̀nù? Ẹ mú bírò, ẹ ṣe é kí ẹ tó ka ìlà tó kàn.

Ìdáhùn: ìyàtọ̀ jẹ́ 0.003136 u, Q jẹ́ 2.921 MeV. Ẹ yọ 1.022, ó ku 1.899. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè tu ú, wọ́n sì ń fi í ya àwòrán PET. Orúkọ kan náà ni gálíọ̀mù méjèèjì ń jẹ́, oògùn kan náà ni wọ́n sì lè so mọ́, àmọ́ tí wọ́n bá kọ ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó sọ ẹ̀rọ tó yẹ ẹ́.