Láti Ẹ̀yìn Ni Kí O Ti Kà Á, Àdùkẹ́

Ìbàdàn,
16 oṣù kẹrin.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, àti ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí o ká sínú rẹ̀. Kí ó tó dé ni ìyá rẹ ti pè mí, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ní wọ́n sọ pé ẹyin kì í jáde lára rẹ. Mo ní kó fara balẹ̀ ná, kí n fojú ara mi rí ìwé. Mo ti rí i báyìí. Iye họ́mónù purojẹ́sítẹ́rónì tí wọ́n kọ síbẹ̀, 0.6, kò parọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kò bá a mu.

O ṣeun tí o kọ àwọn ọjọ́ rẹ sẹ́yìn ìwé, nítorí àwọn ló là mí lójú. Nǹkan oṣù rẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù náà, torí pé ó pé ọjọ́ 21 tí o ti ń kà bọ̀. Nǹkan oṣù tó tẹ̀lé e dé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 35 gbáko nìyẹn. O ní èyí tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ 34, tí tìṣáájú ìyẹn sì jẹ́ 36. Ọjọ́ 28 tí gbogbo èèyàn ń kà lẹ́nu kì í ṣe tìrẹ, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí, ọjọ́ 21 sí 35 la máa ń kà sí déédéé fún obìnrin tó ti dàgbà, a kì í sì torí ọjọ́ kan tó lé dààmú ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí n tẹ̀lé oṣù kẹta rẹ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí ibi tí nǹkan ti wọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yọ, họ́mónù méjì tí ilé ẹyin ń ṣe ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan ń jẹ́ ẹ́sítírójìn, èkejì ń jẹ́ purojẹ́sítẹ́rónì. Èkejì yìí ló ń di ìtẹ́ inú ilé ọmọ mú. Nígbà tó bá ti já wálẹ̀, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ ìtẹ́ náà á fún pọ̀, ìtẹ́ á bó, ẹ̀jẹ̀ á sì bá a jáde. Kò pọ̀ tó bó ṣe ń rí lójú: fún ọ̀pọ̀ obìnrin, gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ju ṣíbí ńlá méjì sí mẹ́ta lọ. Inú rírun tí o ní ó ń dá ọ dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ohun tí ìtẹ́ tó ń bó yẹn ń tú jáde ló ń mú ilé ọmọ fún ara rẹ̀. Ìbúpúrófẹ́nì ń dín ohun náà kù, ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí o lò ó ní kùtùkùtù, lẹ́yìn oúnjẹ, kí ìrora tó gbilẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá tí iṣẹ́ oṣù tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó máa ń ṣọ́ ìwọ̀n họ́mónù nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti rí i pé méjèèjì ti lọ sílẹ̀, á tú họ́mónù tirẹ̀ jáde láti fi jí ilé ẹyin. Àwọn àpò omi kéékèèké mélòó kan, tí ẹyin kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà pa pọ̀. Láìpẹ́ ọ̀kan á gba iwájú, á sì máa tú ẹ́sítírójìn sínú ẹ̀jẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ibí yìí ló máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní: ẹ́sítírójìn tí aṣíwájú yẹn ń ṣe ló ń sọ fún ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ pé kó dín họ́mónù tó ń jí ẹyin kù. Àwọn àpò tó kù kò lè fi ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ṣe nǹkan kan, wọ́n á sì rọ. Òun nìkan ló lè fi díẹ̀ náà dàgbà, nítorí ó ti kọ́ bí a ṣe ń gbà á sára kí ó tó di ọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹyin kan ṣoṣo ló sábà máa ń jáde lóṣù.

Apá yìí ni obìnrin kò ti dọ́gba pẹ̀lú obìnrin. Ẹlòmíràn á ṣe é tán ní ọjọ́ 10, ẹlòmíràn ní 14. Tìrẹ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibà líle, ìrònú, àìjẹun tàbí kí ara dédé fọn lè fà á gùn sí i, torí pé ọpọlọ lè fà sẹ́yìn nínú àṣẹ tó ń pa fún ẹṣẹ́ náà. Nígbà tí obìnrin bá ní nǹkan oṣù òun pẹ́ lóṣù tí òun ṣòjòjò, ẹyin ló pẹ́ kó tó jáde. Nǹkan oṣù kàn ń tẹ̀lé e bọ̀ ni.

Bí ẹ́sítírójìn ti ń gòkè, ó ń tún ìtẹ́ inú ilé ọmọ tẹ́, ó sì ń yí omi ojú ara padà. Ó wá dé ìwọ̀n kan tó ga. Tó bá dúró sí òkè yẹn fún bí ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ á yí bìrí: ẹṣẹ́ tí ẹ́sítírójìn ti ń dí lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá á tú họ́mónù mìíràn jáde lójijì, ní yanturu, èyí tó ń lé ẹyin jáde. Láti ìgbà tí ìtúsílẹ̀ yẹn bá bẹ̀rẹ̀, bí ọjọ́ kan ààbọ̀ ni àpò náà á fi bẹ́, tí ẹyin á sì bọ́ síta. Ẹyin fúnra rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Àmọ́ àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ márùn-ún, tí omi ojú ara bá ti rí bó ṣe yẹ kó rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti omi yẹn, nítorí ó bí mi nínú díẹ̀. O kọ ọ́ pé ní nǹkan bí ọjọ́ 21 sí 23 oṣù kẹta, o rí nǹkan kan tó mọ́ gaara, tó ń yọ̀, tó ń fà láàárín ìka méjì bíi funfun ẹyin adìyẹ tútù. Kò rùn, kò yún ọ, síbẹ̀ o lọ ra oògùn àrùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Àdùkẹ́, kì í ṣe àrùn. Ẹ́sítírójìn tó ti dé góńgó nìyẹn. Ara rẹ ń sọ fún ọ pé ẹyin fẹ́ jáde. Èyí tó bá rùn, tó yún, tó ní àwọ̀ ewé tàbí tó dì bíi wàrà, ìyẹn ni kí o gbé lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde, àpò tó bí i kò ní sọnù. Á yí padà, á di aláwọ̀ ìyeyè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purojẹ́sítẹ́rónì. Họ́mónù yìí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá tẹ́lẹ̀ á máa gòkè, á dé òkè téńté ní bí ọjọ́ keje lẹ́yìn tí ẹyin jáde. Ara á móoru díẹ̀, kò ju ìlàjì ìwọ̀n kan lọ lórí tẹmómítà, omi ojú ara á sì ki. Tí oyún bá dúró, oyún náà á tú họ́mónù tirẹ̀ jáde láti fi gbé àpò náà ró. Òun ni àyẹ̀wò ìtọ̀ ń wá. Tí oyún kò bá sí, àpò náà á kú fúnra rẹ̀, purojẹ́sítẹ́rónì á já lulẹ̀, ọmú á máa dun ọ, inú á máa bí ọ lásán, ẹ̀jẹ̀ á sì dé.

Ọjọ́ ayé àpò yìí kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti ara obìnrin kan sí òmíràn. Bí ọjọ́ 14 ni, ó lè dín sí 12, ó lè lé díẹ̀. Dókítà ará Japan kan, Ogino, àti ará Austria kan, Knaus, ló fìdí èyí múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1920: ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ ẹyin, láti orí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ni kó ti ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ 14 tí áàpù inú fóònù rẹ kùn ní pupa, ẹni tó ń lo ọjọ́ 28 ló wà fún, nítorí pé tí a bá yọ 14 kúrò nínú 28, 14 náà ló kù.

Gba bébà kí o bá mi kà á. Nǹkan oṣù dé ní 7 oṣù kẹrin. Yọ 14 kúrò, o dé 24 oṣù kẹta. Ẹyin rẹ jáde ní nǹkan bí ọjọ́ yẹn, omi tí o rí sì jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ 23 ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ẹyin kò tíì kúrò nínú àpò, níbo ni purojẹ́sítẹ́rónì á ti wá? Tó bá jẹ́ ọjọ́ 31 ni wọ́n fà á, a ò bá rí ọ̀rọ̀ tó ṣe é gbọ́. Lórí irú ìwé yẹn, tí wọ́n ń lo ng/mL, iye tó bá ju 3 lọ ń fi hàn pé ẹyin jáde.

Ọkọ rẹ ńkọ́? O ní ó wá láti Àbújá ní ọjọ́ 14 sí 16 oṣù kẹta nítorí áàpù, ó sì padà. Ọjọ́ mẹ́jọ ṣì wà kí ẹyin tó jáde. Àtọ̀ kò lè dúró dè é tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ti gbìyànjú lóṣù yẹn, ẹ kàn rí ara yín ni.

Oṣù tí o wà nínú rẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 7 oṣù kẹrin. Tó bá tún jẹ́ 35, nǹkan oṣù á dé ní 12 oṣù karùn-ún, ẹyin á jáde ní nǹkan bí 28 oṣù kẹrin. Nítorí pé tìrẹ máa ń fi ọjọ́ kan dín tàbí lé, sọ fún ọkọ rẹ kó gba ìsinmi láti 23 sí 29. Má ra oògùn kankan tí omi gaara yẹn bá yọ. Kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní 5 oṣù karùn-ún, kí o sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìwé náà fún ọ títí a ó fi mọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé gan-an. Tí ọjọ́ méje tàbí bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ bá wà láàárín méjèèjì, àyẹ̀wò náà bọ́ sójú ẹ̀. Tí ó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó tún un ṣe.

Tí àyẹ̀wò bá bọ́ sójú ẹ̀ tí iye náà sì tún wà nílẹ̀, a ó jọ lọ rí dókítà, bẹ́ẹ̀ náà ni tí nǹkan oṣù bá ń kọjá ọjọ́ 35 léraléra, tàbí tí ó bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta láìsí oyún. Ó di oṣù mẹ́jọ tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó, ọmọ ọdún 27 sì ni ọ́. Ọdún kan la máa ń fún irú ẹ kí a tó wá ìdí. Tó bá sì pé ọdún kan, àtọ̀ ọkọ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ. Èmi ni mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ tó bá bi ọ́.

Mo ti pe ìyá rẹ, mo ti ṣàlàyé fún un, ó sì ti sùn. Fi àwòrán ìwé àyẹ̀wò tuntun ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù mi, lẹ́tà ti ń pẹ́ jù lọ́nà. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ àgbà,
Ìyá Bísí.