Bí Owó-Orí Ṣe Ń Bá Èrè Tẹ́tẹ́ Rìn

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ní Òdòde-Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ. Ó ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó sì jẹ. Lẹ́yìn tí a bá yọ owó tó fi ta á, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦200,000, ṣùgbọ́n ₦190,000 ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ilé tẹ́tẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2024 ní kí wọ́n yọ owó-orí kúrò lára èrè ẹni tó ń gbé Nàìjíríà kí wọ́n tó san án, ₦5 nínú ₦100.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ ni ₦10,000 inú àpẹẹrẹ wa. Òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026 ka èrè tẹ́tẹ́ mọ́ owó tó wọlé fún ènìyàn lọ́dún. Kò sí owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ títí dé ₦3,000,000, ₦15 ni nínú ₦100. Bí owó aránṣọ wa tó yẹ fún ìṣirò, tẹ́tẹ́ àti aṣọ pọ̀, bá jẹ́ ₦1,000,000, owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ó ti san ₦10,000, ó ku ₦20,000. Bó bá jẹ́ ₦700,000 péré ló rí lọ́dún, kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀, ₦10,000 rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn.

Kí ni yóò fi hàn pé wọ́n ti yọ owó yẹn? Ìwé ni. Kó kọ ọjọ́, orúkọ ilé tẹ́tẹ́, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, owó tó fi ta á, owó tó jẹ àti owó-orí tí wọ́n yọ. Kó ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì náà, nítorí irú bébà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣá. Kó sì béèrè ìwé ẹ̀rí owó-orí tí wọ́n yọ.

Ọmọ Ìdànrè tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní san owó-orí lórí èrè tẹ́tẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ ni ìjọba ibẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ GH₵10 nínú GH₵100 ní 2023, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Amẹ́ríkà ló le jù. Ẹni tó jẹ $10,000 níbẹ̀, tó sì pàdánù $10,000 lọ́dún kan náà, kò jèrè kankan. Síbẹ̀, láti 2026, $9,000 péré ni òfin gbà kó yọ kúrò, ìyẹn bó bá ní àkọsílẹ̀ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó já. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ lè san owó-orí lórí gbogbo $10,000.

Ní tiwa níbí, ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni títa tẹ́tẹ́ lórí àkáǹtì ọ̀rẹ́. Orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn ni wọn yóò kọ owó-orí náà sí. Nígbà tí ìṣirò ọdún bá dé, kò sí ohun tí aránṣọ wa lè mú lọ síwájú ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ Oǹdó.