Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Ọgbẹ́ Inú

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníṣu kan tó ń wá láti Èsìẹ́ ná ọjà Òmù-Àrán ṣe àpẹẹrẹ. Òkè ìdodo ń ta á, pàápàá lóru, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé oògùn ara ríro mì láìjẹun. Dókítà ní kó lọ ya àwòrán inú ní Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin. Oríṣi àwòrán méjì ni wọ́n lè yà fún un.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹ́síréè. Ẹ́síréè máa ń la ẹran rírọ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí egungun fi ń hàn kedere tí àpòlúkù kì í fi í hàn. Wọ́n á ní kí ìyá má fi nǹkan kan ẹnu láti òru. Láàárọ̀, wọ́n á fún un ní báríọ́mù mu, omi funfun kan tó ki bí ògì. Ẹ́síréè kì í ráyè la báríọ́mù kọjá, nítorí náà ibi tó bá dé ni yóò funfun. Bó ṣe ń gbé e mì, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ń wò. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ó kan àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun.

Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣì í kà. Kì í ṣe ara àpòlúkù gan-an là ń wò, omi tó wà nínú rẹ̀ ni. Ọgbẹ́ jẹ́ kòtò, báríọ́mù á ṣàn wọ inú rẹ̀, á dúró síbẹ̀. Bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, funfun kékeré kan á yọ kọjá ìlà ara àpòlúkù. Pólíìpù ní tirẹ̀ jẹ́ kókó ẹran tó hù sínú. Ó ti gba àyè báríọ́mù, nítorí náà ojú dúdú róbótó ni yóò hàn láàárín funfun. Àmọ́ èérún oúnjẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tó mọṣẹ́ á ní kí aláìsàn yí ẹ̀gbẹ́ padà: oúnjẹ á sún kúrò, pólíìpù kò ní kúrò. Ní ti ara wíwú, bí kò bá le, ó lè má hàn rárá.

Èkejì ni ẹndósíkópì, òun ló ń fi àwọ̀ hàn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lórí ni wọ́n ń ti ẹnu kì bọ inú. Ara àpòlúkù tó dá ṣáṣá máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń dán. Èyí tó wú á pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ sì lè yọ bí okùn bá kàn án. Bí ìyá bá ní ọgbẹ́ lóòótọ́, kòtò kan la ó rí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni fẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí etí rẹ̀ wú.

Dókítà á já ara díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó ń wá kòkòrò hẹlikobákítà, èyí tí Robin Warren àti Barry Marshall ṣiṣẹ́ lé lórí ní Ọsirélíà ní 1982, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì ní 2005. Ó tún ń wá jẹjẹrẹ, nítorí jẹjẹrẹ àpòlúkù lè fara jọ ọgbẹ́ lásán débi tí ojú nìkan kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Báríọ́mù kò lè já ara wá fún àyẹ̀wò. Bó bá fi ọgbẹ́ hàn nínú àpòlúkù, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyẹ̀wò ti parí. Ẹndósíkópì ló kù.