Àrùn Tó Ń Ṣe Ogójì Kọ́ Ló Ń Ṣe Ọ̀ọ́dúnrún

Àwọn àgbà ní àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bó bá ṣe ọ̀rọ̀ ìṣòro ẹ̀dá láwùjọ ni, òwe náà kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n bọ́rọ̀ bá ti di ti kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, òwe yìí lè kó ni sí wàhálà. Òun ni ìyá kan ń tẹ̀ lé, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀, nígbà tó bá mú Ampíkílọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù lára èyí tí dókítà kọ fún ẹ̀gbọ́n nítorí eéwo, tó wá fún àbúrò tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Ara ẹ̀gbọ́n gbóná, ara àbúrò náà gbóná. Oògùn yẹn wo ẹ̀gbọ́n sàn. Kí ló dé tí kò fi ní wo àbúrò sàn?

Ohun tó fa àìsàn àwọn méjèèjì kò jọra rárá ni. Bakitéríà ló sábà máa ń fa eéwo. Ẹ̀dá alààyè ni bakitéríà, bó tiẹ̀ kéré: ó ń jẹun, ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì láti bímọ, ó mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká, gbogbo ohun tó fi ń ṣẹ̀dá èròjà ara rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àìmọye wọn ló ń gbé inú ìfun wa láìṣe wá ní ibi kankan. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn ní tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ju ìwọ̀nba àṣẹ ìran tí a fi awọ wé lọ. Kò lè jẹun, kò lè dá bímọ. Àlejò tó wọ ilé onílé ni, ìkòkò onílé, iná onílé àti iyọ̀ onílé ló fi ń se oúnjẹ tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì inú imú wa ni ilé náà. Bó bá ti wọ ibẹ̀, yóò sọ ọ́ di ibi tí a ti ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáírọ́ọ̀sì mìíràn jáde.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan, Walther Kruse, fi ìyàtọ̀ yìí hàn ní ọ̀nà tó rọrùn ní ìlú Leipzig lọ́dún 1914. Ó gba omi imú ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ó fi asẹ́ kan sẹ́ ẹ. Ihò asẹ́ náà kéré débi pé bakitéríà kò lè gbà á kọjá. Ó wá kán omi tó sẹ́ náà sí imú àwọn tí ara wọn dá, ọ̀fìnkìn sì mú àwọn kan lára wọn. Ohun tó bá ìsàlẹ̀ asẹ́ jáde kì í ṣe bakitéríà nìyẹn. Lónìí a mọ̀ pé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn, ìyẹn ráínófáírọ́ọ̀sì, kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́dọ̀ to bí 30 lórí ìlà kí wọ́n tó gùn tó bakitéríà kan ṣoṣo.

Ibi tí àńtíbáyótíìkì ti ń ṣiṣẹ́ ló yẹ ká wò báyìí. Pẹnisílìn àti àwọn ìbátan rẹ̀, bí Ampíkílọ́ọ̀sì àti amọsisílìn, ògiri bakitéríà ni wọ́n ń dojú kọ. Nígbà tí bakitéríà bá ń dàgbà tó fẹ́ mọ ògiri tuntun, oògùn náà kò ní jẹ́ kó mọ ọ́n délẹ̀. Omi á ráàyè wọlé, kòkòrò náà á bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi ń pa kòkòrò láìpa wá. Tẹtirasáíkílìn ní tirẹ̀ ń dí ibi tí bakitéríà ti ń ṣẹ̀dá èròjà ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ni yóò wá wó ògiri ẹni tí kò ní ògiri? Fáírọ́ọ̀sì kò ní ibi ìṣẹ̀dá kankan tí a lè dí, tiwa ló ń lò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé oògùn náà kò lágbára tó kọ́ nìyí. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbà á, ọ̀kan náà ni.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ fi ń búra pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn? Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún mẹ́ta kan. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀nà ọ̀fun ń yún un, ó ń sín. Lọ́jọ́ kejì, imú rẹ̀ ń ṣàn bí omi, ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò fẹ́ jẹun. Ọjọ́ kẹta ló sábà máa ń le jù: ikun imú ti ki, ó ti ń di àwọ̀ ewé, kò jẹ́ kí ọmọ sùn, kò jẹ́ kí ìyá sùn. Ọjọ́ yìí gan-an ni òbí máa ń lọ sí kẹ́míìsì ra kápúsù. Ara ọmọ ti ń ṣẹ́gun fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́, bó bá sì fi máa di ọjọ́ keje sí ìkẹwàá, ọmọ ti ń sáré káàkiri. Kápúsù wá gba ìyìn iṣẹ́ tí ara ṣe. Ọmọ aládùúgbò tí wọn kò fún ní nǹkan kan náà ti ń sáré káàkiri, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bi ìyá rẹ̀?

Àwọ̀ ewé tó ń dẹ́rù bani yẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí bakitéríà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó wá jà nínú imú ní èròjà aláwọ̀ ewé kan nínú. Bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, ikun á yí àwọ̀.

Oògùn tí kò rí ọ̀tá tí wọ́n rán an sí kì í sì í jókòó lásán. Àwọn bakitéríà inú ìfun ló máa dojú kọ. Ìgbẹ́ gbuuru lè bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé àwọn tí kò lágbára nínú wọn á kú, àwọn díẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe lè gba oògùn náà mọ́ra á ṣẹ́kù, wọ́n á bímọ, wọ́n á sì kọ́ bakitéríà mìíràn ní ọgbọ́n yẹn. Lọ́jọ́ tí àìsàn bakitéríà gidi bá wá dé, oògùn á dà bí omi. Tẹtirasáíkílìn tún máa ń ba àwọ̀ eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ jẹ́ títí ayé, ẹ má dán an wò.

Ohun tí ọ̀fìnkìn ń fẹ́ kò pọ̀: omi mímu dáadáa, omi oníyọ̀ díẹ̀ tí a kán sí imú tó dí, parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tó bá ọmọ náà mu bí ara bá gbóná, àti oyin fún ikọ́, bí ọmọ bá ti lé ní ọdún kan. Ikọ́ lè wà fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó lọ tán, kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti yí padà.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bakitéríà lè gba ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ti ṣí wọlé, àmì rẹ̀ sì wà. Bí ara ọmọ bá ti ń yá, tí ibà tún padà dé tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, tàbí tí etí ń dùn ún, dókítà ló yẹ kó rí i. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Òtútù àyà ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Ẹ ṣí aṣọ ọmọ náà nígbà tó bá dákẹ́, kí ẹ ka iye ìgbà tí àyà rẹ̀ ń gòkè fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ọmọ bá wà láàárín oṣù 2 sí 11, tí iye náà sì tó 50, tàbí tó wà láàárín ọdún 1 sí 5, tí iye náà sì tó 40, mímí náà ti yá jù. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá tún ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tí kò mu ọmú tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù láìka mímí kankan. Níbi òtútù àyà tí bakitéríà fà ni amọsisílìn ti ní iṣẹ́ gidi láti ṣe, dókítà ló sì máa sọ ìwọ̀n rẹ̀.